Bí a ṣe ń fi ìròyìn pamọ́ sí PDF láìsí ìpolówó

Nígbà tí a tẹ ìròyìn Gẹ̀lẹ̀dẹ́ Kétu kan sórí bébà, ìpolówó gba ìdajì rẹ̀, àwòrán sì gé sí méjì. Owó bébà ṣòfò!

Lórí kọ̀ǹpútà Windows, ẹ fi Firefox ṣí ìròyìn náà, kí ẹ yí i dé ìsàlẹ̀, torí àwòrán tí kò tíì jáde lè má wọnú PDF. Ẹ wá tẹ F9: ìpolówó á lọ, á ku ọ̀rọ̀ àti àwòrán. Bí F9 ò bá ṣe nǹkan kan, bóyá ojú ewé àkọ́kọ́ lẹ ṣì wà. Ẹ kọ́kọ́ ṣí ìròyìn náà fúnra rẹ̀.

Ẹ tẹ Ctrl+P, kí ẹ yan « Enregistrer au format PDF ». Bí ìlà méjì péré bá bọ́ sí ojú ewé tó kẹ́yìn, ẹ dín « Échelle » láti 100 sí 90 kẹ́ ẹ tó fi pamọ́.