Owó Tẹ́tẹ́ Tó Há: Lẹ́tà Tó Yẹ Kí Iléeṣẹ́ Dáhùn

Ọ̀pọ̀ ẹni tí owó tẹ́tẹ́ wọn há máa ń kọ̀wé ìbínú. Wọ́n á pe iléeṣẹ́ náà ní olè, wọ́n á fi ẹjọ́ halẹ̀, èsì tó máa padà wá kò sì ní ju gbólóhùn kan lọ: ẹ ṣe sùúrù, a ti ń ṣiṣẹ́ lé e lórí. Lẹ́tà tó wúlò ni èyí tí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kò lè dáhùn.

Ká fi òṣìṣẹ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ òru ní ọgbà iléeṣẹ́ ńláńlá Ìkòròdú, ní Odóńgúnyán, ṣe àpẹẹrẹ. Ó jẹ ₦420,000. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, ọdún 2025, ó ní kí wọ́n san án sí báńkì òun. Iléeṣẹ́ béèrè NIN àti fọ́tò ojú rẹ̀, ó fi wọ́n ránṣẹ́, ní ọjọ́ 5 ni ímeèlì sì wọlé pé àyẹ̀wò ti parí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá lẹ́yìn ìyẹn, owó kò dé.

Kó tó kọ ohunkóhun, kó wo ọ̀rọ̀ tó wà lára ìbéèrè owó náà lójú fóònù. Bó bá jẹ́ `Successful`, ohun tí iléeṣẹ́ ń sọ ni pé owó ti kúrò lọ́wọ́ òun. Ohun kan ṣoṣo ni kó béèrè nígbà náà: `Session ID`. Owó tó bá gba ọ̀nà NIBSS láti báńkì kan sí òmíràn lójú ẹsẹ̀ máa ń ní nọ́ńbà yìí, ó sì jẹ́ òǹkà 30. Mẹ́fà àkọ́kọ́ ń tọ́ka sí ibi tí owó ti wá, méjìlá tó tẹ̀ lé e sì ni ọjọ́ àti àkókò tó kúrò níbẹ̀. Nítorí náà, bí iléeṣẹ́ bá ní òun san owó ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta, ohun tó yẹ kó wà láti òǹkà keje dé ìkejìlá ni `250306`. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kó gbé nọ́ńbà náà lọ bá báńkì tirẹ̀ kí wọ́n fi wá owó náà. Bí iléeṣẹ́ kò bá rí nọ́ńbà kankan mú jáde, ó ṣeé ṣe kí owó má tíì kúrò lọ́dọ̀ wọn.

Bó bá jẹ́ `Pending` ló wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Orúkọ ló sábà máa ń fa irú ìdádúró yìí. Ẹni tó fi ìnagijẹ forúkọ sílẹ̀, tàbí tó fẹ́ kí owó wọ àkáǹtì ọ̀rẹ́, lè yege nínú àyẹ̀wò NIN kí owó rẹ̀ sì tún há, torí pé orúkọ tó wà ní báńkì kò bá ti orí tẹ́tẹ́ mu. Nígbà mìíràn, ẹ̀bùn tí iléeṣẹ́ fi kún owó rẹ̀ ló ku iye tó gbọ́dọ̀ fi ta kí ó tó lè gbówó. Òfin tó ń dènà fífọ owó, ti ọdún 2022, tún wà ńbẹ̀: bí iléeṣẹ́ bá ti fi ìfura tó àjọ NFIU létí, òfin kò gbà á láyè láti sọ fún oníbàárà. Kò sí èrè nínú bíbéèrè bóyá wọ́n ti fẹjọ́ òun sùn.

Lẹ́tà rẹ̀ lè lọ báyìí:

"Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, mo béèrè fún ₦420,000. Ní ọjọ́ 5, ẹ kọ̀wé pé àyẹ̀wò mi ti parí. Ẹ̀dà ímeèlì náà rèé. Orúkọ mi lọ́dọ̀ yín àti ní báńkì bára mu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ abala àdéhùn wa tí ẹ fi dá owó náà dúró, ìwé tó kù bí ọ̀kan bá kù, àti ọjọ́ tí ẹ máa san án. Bí mi ò bá rí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, màá kọ̀wé sí àjọ tó fún yín níwèé àṣẹ."

Òun fúnra rẹ̀ ló mú ọjọ́ mẹ́rìnlá náà. Àmọ́ lẹ́tà tí kò ní gbèdéke, orí tábìlì ló máa sùn sí.

Kó má fi ọwọ́ kan bọ́tìnnì tó máa dá owó náà padà sínú eré. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹ̀sùn rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ tó ń bójú tó tẹ́tẹ́ fòfin de irú bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀ ní 2021. Láti oṣù Karùn-ún 2019 ni wọ́n sì ti ní kí iléeṣẹ́ mọ oníbàárà kó tó ta tẹ́tẹ́, dípò kí wọ́n dúró dìgbà tó bá fẹ́ gbówó.

Àjọ wo ni yóò wá kọ̀wé sí? Ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ wọ́gi lé òfin lọ́tìrì ìjọba àpapọ̀ ti 2005, ó ní ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà, yàtọ̀ sí Àbújá. Fún ará Ìkòròdú, LSLGA ti ìpínlẹ̀ Èkó ni, bí iléeṣẹ́ náà bá gba ìwé àṣẹ níbẹ̀. Ó sì tún lè fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà. Ìsàlẹ̀ ojú ìwé iléeṣẹ́ náà ló ti máa rí ẹni tó fún wọn níwèé àṣẹ. Bó bá jẹ́ Kùrásáò ló rí níbẹ̀, LSLGA kò ní ìwé àṣẹ kankan tó lè gbà lọ́wọ́ wọn, òkè òkun sì ni lẹ́tà rẹ̀ máa gbà lọ.