Bí Ẹ̀rí Oníbàárà Ṣe Lè Di Ìpolówó Tó Ṣeé Gbà Gbọ́

Ká sọ pé oníbàárà kan kọ̀wé sí ìyá tó ń ta ọṣẹ dúdú pé: "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń lo ọṣẹ yín, ojú mi kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ òróró mọ́. Àmọ́ ó máa ń mú kí awọ mi gbẹ, òrí ni mo fi ń pa á."

Ẹlòmíì á sọ èyí di "Ó ń wo gbogbo àrùn awọ!" Oníbàárà ò sọ bẹ́ẹ̀, òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 ní Nàìjíríà sì ka ìpolówó tó ń ṣini lọ́nà léèwọ̀.

Kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì bi í bóyá ó fẹ́ kí orúkọ òun hàn. Lẹ́yìn náà, kọ ọ́ báyìí: "Oníbàárà wa kan sọ pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ojú òun kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ òróró mọ́. Ọṣẹ náà máa ń mú kí awọ rẹ̀ gbẹ, torí náà ó ń fi òrí pa á."

O lè gé ọ̀rọ̀ kúrú, àmọ́ má ṣe yọ àbùkù tó sọ kúrò. Àbùkù yẹn gan-an ló ń jẹ́ kí òǹkàwé gbà pé èèyàn gidi ló sọ̀rọ̀, ó sì ń kìlọ̀ fún ẹni tí awọ rẹ̀ ti gbẹ tẹ́lẹ̀. Má sì sọ "oníbàárà kan" di "gbogbo èèyàn."

Kó o tó gbé e jáde, fi ránṣẹ́ sí i. Tó bá ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀, tún un kọ.