Onígun Mẹ́ta Kan, Àyè Mẹ́ta Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Bí onígun mẹ́rin bá yí po lórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, sílíńdà ló máa dà, bí agolo mílíìkì. Ti onígun mẹ́ta ló gba àròjinlẹ̀.

Ká mú èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ńtímítà 3, 4 àti 5, tí 3 àti 4 pàdé ní igun 90°. Bó bá yí po lórí ẹ̀gbẹ́ 4, ó di kóònù tó ga ní 4, tí ìdajì ìbú ìdí rẹ̀ jẹ́ 3. Àyè inú kóònù jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta ti sílíńdà tí ìdí àti gíga wọn dọ́gba:

⅓ × π × 3² × 4 = 12π

Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ńtímítà kúbíìkì 38. Bó bá yí po lórí ẹ̀gbẹ́ 3, ó di 16π, nítorí ìdajì ìbú la máa ń fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀, a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún gíga.

Orí ẹ̀gbẹ́ 5 ni àṣìṣe pọ̀ sí. Kóònù méjì tó fi ìdí kan ara wọn ló máa jáde níbẹ̀. Ìdajì ìbú wọn kì í ṣe 3 tàbí 4; ìlà tó ti igun 90° wá gúnlẹ̀ tààrà sórí ẹ̀gbẹ́ 5 ni: 3 × 4 ÷ 5 = 2.4. Gíga méjèèjì pa pọ̀ jẹ́ 5, nítorí náà:

⅓ × π × 2.4² × 5 = 9.6π

Ẹni tí tirẹ̀ bá ju 12π lọ níbí ti ṣìṣe, nítorí ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù ni onígun mẹ́ta náà ti sún mọ́ ìlà ìyípo jù lọ.