Bí A Ṣe Lè Dá Àláàmù Ìránnilétí Dúró Nígbà Àìsàn Tàbí Ìrìnàjò, Kí A Sì Tún Bẹ̀rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí á fi ìyá kan ní Ìsọlọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni ọdún 52 ni, ó ń tajà ní Oṣòdì. Dókítà sọ fún un pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó fún un ní oògùn ojoojúmọ́, ó sì ní kí ó máa rìn fún ìṣẹ́jú 30, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀. Ọmọ rẹ̀ bá a ṣe àláàmù sí orí fóònù ní aago 6:15 àárọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsùbá. Ó rìn fún ọ̀sẹ̀ 3. Lẹ́yìn náà ni ibà dá a wó. Àláàmù ń dún láràárọ̀, ó ń pa á. Nígbà tí ara yá ní ọjọ́ keje, àláàmù dún, ọwọ́ rẹ̀ sì tún pa á láìronú rárá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìró tí a bá ń pa lójoojúmọ́ láìṣe nǹkan kan kò ní ìtumọ̀ sí etí wa mọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì mọ èyí dáadáa: bí ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn bá ń dún láìnídìí, ó lè dún nítorí ewu gidi kí ẹnikẹ́ni má kà á sí. Nítorí náà, nígbà tí a kò bá lè ṣe iṣẹ́ náà, kí á fi ọwọ́ ara wa dá àláàmù dúró, kí ó má baà máa dún lásán.

Kí á má ṣe pa á rẹ́ pátápátá. Nínú aago fóònù, kí á kàn yí bọ́tìnnì rẹ̀ padà. Wákàtí àti ọjọ́ tí a yàn yóò ṣì wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Google Calendar ni a lò, tí fóònù sì béèrè ohun tí a fẹ́ yọ, «This event» ni kí á tẹ̀. Bí a bá tẹ «All events», gbogbo ètò náà ti lọ nìyẹn.

Lójú ẹsẹ̀, kí á ṣe àláàmù mìíràn tí yóò dún lẹ́ẹ̀kan péré, ní ọjọ́ ìpadàbọ̀. Aláìsàn kò mọ ọjọ́ tí ara yóò yá, nítorí náà kí ó fi sí ọjọ́ kẹta. Bí ara kò bá tíì yá nígbà náà, kí ó sún un síwájú ní ọjọ́ 3 sí i. Ẹni tó bá rìnrìnàjò, kí ó yan àárọ̀ ọjọ́ kejì tó bá dé. Ọjọ́ tí a dé gan-an, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Oṣòdì àti ẹrù títú ti gba gbogbo agbára.

Ẹ kíyè sí i: ìrìn nìkan ni ìyá yìí lè dá dúró. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò sí lára rẹ̀. Ìdí nìyí tí oògùn fi gbọ́dọ̀ ní àláàmù tirẹ̀, pẹ̀lú orúkọ àti ìró tó yàtọ̀, tí yóò sì máa dún bí a bá wà ní Ìlọrin tàbí lórí ibùsùn. Bí a bá gbàgbé oògùn lọ́jọ́ kan, kí á má lo ìlọ́po méjì lọ́jọ́ kejì. Bí ó bá ti di ọjọ́ mélòó kan, kí á bi dókítà tàbí apòògùn kí á tó tún bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí àláàmù ìpadàbọ̀ bá dún, kí ìyá wa má ṣe gbìyànjú láti san gbèsè ọjọ́ 6. Kí ó rìn ìṣẹ́jú 10 fún ọjọ́ 2, ìṣẹ́jú 20 fún ọjọ́ 2, kí ó tó padà sí 30. Bí òòyì bá ń kọ́ ọ, tàbí tí àyà bá ń dùn ún, kí ó dúró, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tó rìnrìnàjò láìṣàìsàn lè rìn díẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, kí ó padà sí iye tó ń rìn tẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Àwọn olùwádìí ní yunifásítì UCL ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ̀lé ènìyàn 96 tí wọ́n ń kọ́ àṣà tuntun, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2010. Ní ìpíndọ́gba, ọjọ́ 66 ni ó gbà kí àṣà tó mọ́ni lára. Ti àwọn kan yá, ti àwọn mìíràn pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan tí ènìyàn bá pàdánù kò ba iṣẹ́ náà jẹ́. Ọ̀sẹ̀ 3 tí ìyá yìí ti rìn kò ṣòfò.

Kí á máa kà á ní ọjọ́ Jímọ̀. Bí a bá pa àláàmù nígbà 3 nínú 5, láìsí àìsàn tàbí ìrìnàjò, fún ọ̀sẹ̀ 2 léraléra, wákàtí náà ni kò bá wa mu. Kí á yí i padà. Ìyá wa lè rìn láti ilé dé ibùdókọ̀ nígbà tó bá ń lọ sọ́jà, kí àláàmù sì máa dún ní àkókò tó máa ń wọ bàtà.