Àkàbà Ọ̀rọ̀: Ẹ Yọ Lẹ́tà Kan, Kí Ọ̀rọ̀ Ṣì Kù

Eré kan wà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn. A ó mú ọ̀rọ̀ kan, a ó yọ lẹ́tà kan kúrò nínú rẹ̀, ohun tí ó kù gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀. A ó tún yọ òmíràn, títí yóò fi ku ẹyọ lẹ́tà kan. A kò gbọdọ̀ pààrọ̀ ipò àwọn tí ó kù. Àwọn ọmọ wa tí ń ṣe é ní ilé ìwé rò pé Yorùbá kò ní irú rẹ̀. Ó ní.

Ẹ wo ọlọ́gbọ́n. Lẹ́tà mẹ́fà ni, nítorí gb jẹ́ ẹyọ kan nínú lẹ́tà 25 tí a fi ń kọ èdè wa. Ẹ yọ ọ iwájú, ó ku lọ́gbọ́n: “Ọmọ náà lọ́gbọ́n.” Ẹ yọ l, ó ku ọgbọ́n. Ẹ yọ ọ, ó ku gbọ́n: “Ìyá rẹ̀ gbọ́n.” Ẹ yọ n, ó ku gbọ́: “Mo gbọ́.” Ẹ yọ gb, ó ku ọ́, bí a ti ń wí pé “Ẹ kọ ọ́.”

Ẹnì kan yóò ní ohùn yí padà láàárín lọ́gbọ́n àti ọgbọ́n. Òótọ́ ni. “Ní ọgbọ́n” ni ó di lọ́gbọ́n. Nígbà tí í bọ́ sílẹ̀, ohùn òkè rẹ̀ gun orí ọ. Bí l ti lọ, ohùn náà bá a lọ. Èmi gbà á. Ẹni tí kò bá gbà á, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ọgbọ́n: ohùn kò yí mọ́ títí dé ìsàlẹ̀.

Àkàbà Gẹ̀ẹ́sì máa ń gùn jù, nítorí wọ́n lè to kọ́nsónáǹtì mẹ́ta pọ̀. Tiwa kò gba méjì pọ̀ láìsí fáwẹ̀lì láàárín, nítorí náà bí a bá yọ fáwẹ̀lì àárín, ọ̀rọ̀ bàjẹ́. Fáwẹ̀lì iwájú ni ó rọrùn jù láti yọ, nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ wa jẹ́ fáwẹ̀lì tí a fi síwájú ọ̀rọ̀ ìṣe. Ẹ fi ìlú yín dán an wò. Ẹdẹ: dẹ, bí ọdẹ ti ń dẹ pańpẹ́, ẹ, bí “Ẹ wá.” Èkó: kó, bí “kó ẹrù”, ó, bí “Ó dé.” Ìbàdàn ṣubú ní àtẹ̀gùn kìíní: bàdàn kò sí, ìbàdà kò sí. Kí ará Ìbàdàn má bínú.

Àwọn aládùúgbò wa Ẹ̀dó náà ń fi fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ orúkọ nǹkan: eki ni ọjà, ame ni omi, owa ni ilé. Kí àwọn ọmọ bi ọ̀rẹ́ wọn bóyá tiwọn ń sọ̀ kalẹ̀.

Ìjà máa ń bẹ́ sílẹ̀ lórí ohun tí a lè pè ní ọ̀rọ̀. Ọmọ kan lè pín gb sí méjì, kí ó yọ g nínú gbọ́n, kí ó ní bọ́n ni ó kù. Ẹ ní kí ó fi bọ́n sínú gbólóhùn tí ìyá àgbà yóò gbà. Kò ní rí i.

Mo wá oní lẹ́tà méje. Àìlọ́gbọ́n ni mo kọ́kọ́ mú, ṣùgbọ́n bí a bá yọ à, ìlọ́gbọ́n ni ó kù, ẹnikẹ́ni kì í sọ ọ́. Ẹni tí ó bá rí èyí tí ó dé ìsàlẹ̀, kí ó fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́, pẹ̀lú gbólóhùn kan fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.