Orúkọ Wáìfáì Tó Fara Pamọ́, àti Tẹlifíṣọ̀n Tí Kò Rí I

Tẹlifíṣọ̀n tuntun dé, ẹ gbé e kọ́ ògiri, ẹ tan án, ó ní kí ẹ yan wáìfáì ilé yín. Orúkọ wáìfáì gbogbo àdúgbò tò sójú rẹ̀: ti àwọn tó ń gbé òkè, ti ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀yìnkùlé, ti ilé ìtajà tó wà ní ìkòríta. Tiyín nìkan ni kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ wáìfáì yìí kan náà ni fóònù ọwọ́ yín ń lò lọ́wọ́lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ti fẹ́ gbé tẹlifíṣọ̀n padà fún ẹni tó tà á fún wọn, wọ́n á ní bàjẹ́bàjẹ́ ni. Kò sì ṣe nǹkan kan. Ẹnì kan ló ti wọ inú ráútà lọ, bóyá ẹni tó wá gbé e sílé fún yín, tó pàṣẹ fún un pé kó má fi orúkọ ara rẹ̀ hàn mọ́.

Ráútà kì í dákẹ́. Ní nǹkan bí ìgbà 10 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ló ń kéde pé òun wà níbí, bí ẹni tó ń kiri ẹ̀kọ tó ń pariwo ọjà rẹ̀ kí oníbàárà lè gbọ́. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìkéde náà, irú ààbò tó ń lò náà sì wà níbẹ̀. Ìkéde yìí ni tẹlifíṣọ̀n ń gbọ́ kó tó to orúkọ sójú. Nígbà tí wọ́n bá fi orúkọ pamọ́, ìkéde kò dúró o, àyè orúkọ nìkan ni ráútà fi sílẹ̀ lófìfo. Tẹlifíṣọ̀n gbọ́ ariwo tí kò ní orúkọ, kò mọ ohun tí yóò kọ sójú, ó sì fò ó kọjá. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù ni pé kí tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ ké jáde, kó béèrè bóyá ráútà tó ń jẹ́ báyìí báyìí wà nítòsí. Bí orúkọ tó pè bá bá ti ráútà mu délẹ̀, ráútà á dáhùn. Bí lẹ́tà kan bá yẹ̀, kò ní dáhùn.

Nítorí náà, ẹ má wulẹ̀ jókòó ti orúkọ tó tò sójú yẹn. Ẹ fi rìmóòtù sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Lórí tẹlifíṣọ̀n tó ń lo Android TV tàbí Google TV, ẹ wọ Settings, kí ẹ wọ Network & Internet, ẹ ó rí Add new network lábẹ́ orúkọ wọ̀nyẹn. Samsung ń pè é ní Add Network. LG là á mọ́lẹ̀ ju gbogbo wọn lọ, ó kọ ọ́ pé Add a Hidden Wireless Network. Lórí Fire TV, Join Other Network ni. Ohun mẹ́ta ni wọ́n máa béèrè níbẹ̀: orúkọ wáìfáì, irú ààbò rẹ̀, àti páásíwọ́ọ̀dù.

Orúkọ ló máa ń da èèyàn láàmú jù. Ká mú ilé kan ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, tí wáìfáì rẹ̀ ń jẹ́ `Ile Ayo 5G`. Ìyá ilé tẹ `Ile ayo 5G`, tẹlifíṣọ̀n ní òun kò rí nǹkan kan. Ó tẹ `IleAyo 5G`, ọ̀rọ̀ kò yí padà. Lójú ráútà, lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré kì í ṣe ọ̀kan náà, àlàfo tó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjì sì jẹ́ ara orúkọ, àní àlàfo tó bá wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn pàápàá. Àlàfo ìkẹyìn yìí kì í hàn sójú, òun gan-an ló sì burú jù. Ẹni tó kọ orúkọ sínú ráútà lè ti tẹ̀ ẹ́ láìmọ̀. Lórí tẹlifíṣọ̀n náà, ọ̀rọ̀ tí ibi ìtẹ̀wé dábàá, tí ẹ sì gbà, lè fi àlàfo kan tì í lẹ́yìn.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí ẹ rántí, ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí ráútà, torí wọ́n lè ti yí orúkọ padà látìgbà tó ti jáde nílé iṣẹ́. Fóònù tó ti wọlé ni ẹ óò bi. Lórí fóònù Android, ẹ tẹ orúkọ wáìfáì náà, kí ẹ tẹ Share. Àwòrán onígun mẹ́rin tó kún fún àmì dúdú á yọ, àwọn fóònù mìíràn sì tún ń kọ páásíwọ́ọ̀dù sábẹ́ rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà Windows kan bá ti ń lo wáìfáì náà, ọ̀rọ̀ tún rọrùn sí i. Ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ tẹ èyí:

```
netsh wlan show profile name=*
```

Gbogbo wáìfáì tí kọ̀ǹpútà náà mọ̀ ni yóò tú jáde. Ẹ wá tilé yín. Nínú ilé Bódìjà yẹn, ohun tó yọ rèé:

```
SSID name         : "Ile Ayo 5G "
Authentication    : WPA2-Personal
Network broadcast : Connect even if this network is not broadcasting
```

Ẹ wo àmì tó ká orúkọ mọ́. Lẹ́yìn lẹ́tà G, àlàfo kan wà kí àmì tó padé. Ohun tó fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ ìyá ilé ṣòfò nìyẹn. Ó padà sídìí tẹlifíṣọ̀n, ó tẹ orúkọ náà pẹ̀lú àlàfo rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n sì wọlé.

Ìlà kejì ni ìdáhùn sí ìbéèrè ààbò. Bí orúkọ bá wà ní gbangba, tẹlifíṣọ̀n á ti gbọ́ irú ààbò náà nínú ìkéde, kò ní béèrè lọ́wọ́ yín. Fún èyí tó fara pamọ́, ẹ̀yin lẹ óò sọ fún un, ẹni tó bá ń kánjú a sì máa fi í sílẹ̀ lórí None tó bá níbẹ̀. None túmọ̀ sí pé wáìfáì náà kò ní páásíwọ́ọ̀dù. WEP jẹ́ ti àtijọ́, kò sídìí tí ilé kankan fi yẹ kó ṣì máa lò ó. WPA/WPA2-Personal ni ọ̀pọ̀ ilé ń lò. Bó bá jẹ́ pé WPA3 nìkan ni ráútà ń gbà, tẹlifíṣọ̀n tó ti pẹ́ díẹ̀ lè má mọ̀ ọ́n rárá. Ẹ yí ráútà sí èyí tó gba WPA2 àti WPA3 pọ̀.

Ohun tí tẹlifíṣọ̀n bá wí nígbà tó kọ̀ ń sọ ibi tí àṣìṣe wà. Bó bá ní òun kò rí wáìfáì náà, ẹ tún orúkọ àti irú ààbò yẹ̀ wò, ẹ má fọwọ́ kan páásíwọ́ọ̀dù. Bó bá ní páásíwọ́ọ̀dù kò tọ̀nà, inú yín lè dùn díẹ̀: ráútà ti dá a lóhùn, orúkọ ti bá a mu.

Orúkọ lè tọ̀nà, kí ààbò tọ̀nà, síbẹ̀ kí tẹlifíṣọ̀n ṣì máa ní òun kò rí i. Ojú ọ̀nà tí ráútà ń gbà sọ̀rọ̀ ni kí ẹ wá fura sí. Ọ̀wọ́ méjì ló wọ́pọ̀, 2.4 GHz àti 5 GHz. Àwọn tẹlifíṣọ̀n olówó pọ́ọ́kú kan kò gbọ́ èyí tó jẹ́ 5 rárá, nítorí náà orúkọ tó wà lórí 2.4 ni kí ẹ tẹ̀ fún wọn. Àwọn tó sì gbọ́ 5 tún ní wàhálà tiwọn. Nínú ọ̀wọ́ yẹn, ojú ọ̀nà 52 títí dé 144 jẹ́ èyí tí wáìfáì ń bá rédà pín lò, irú rédà tí wọ́n fi ń ṣọ́ ojú ọjọ́. Nítorí èyí, àwọn ẹ̀rọ bíi tẹlifíṣọ̀n kì í ké jáde níbẹ̀ títí wọn ó fi gbọ́ kí ráútà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ráútà tó fi orúkọ pamọ́ ń sọ̀rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n láìlórúkọ, ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n kì í sì í padà wá pè é. Tiwọn ni pé wọ́n dákẹ́, òun náà dákẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ wọ inú ráútà, kí ẹ gbé 5 GHz kúrò lórí Auto, kí ẹ fi sórí 36, 40, 44 tàbí 48. Bí tẹlifíṣọ̀n bá rí i lẹ́yìn èyí, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ọgbọ́n kan wà tí àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe fẹ́ràn: wọ́n á fi orúkọ hàn fúngbà díẹ̀, tẹlifíṣọ̀n á wọlé, wọ́n á tún fi orúkọ pamọ́, wọ́n á gba owó wọn, wọ́n á lọ. Ó dáa títí NẸ́PÀ á fi mú iná. Ìgbà tí iná bá dé, tẹlifíṣọ̀n lè má rí wáìfáì mọ́. Ìlà kẹta tí kọ̀ǹpútà kọ lẹ́ẹ̀kan ló ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ̀rọ a máa kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá kí òun pe wáìfáì kan lórúkọ, tàbí kí òun dúró kó fara hàn. Èyí tí ẹ yàn láti inú orúkọ tó tò sójú, èyí tí òun yóò dúró dè ni tẹlifíṣọ̀n kọ ọ́ sí. Ohun tí ẹ óò ṣe ni pé kí ẹ ní kó gbàgbé wáìfáì náà, Forget network ni wọ́n sábà ń kọ, kí ẹ wá fọwọ́ tẹ orúkọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Èmi ò rí èrè nínú fífi orúkọ pamọ́ yìí o. Ẹni tó bá fẹ́ yọ́ wọlé lè fi áàpù ọ̀fẹ́ ka orúkọ náà nínú afẹ́fẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ kan nílé yín bá ń wọlé, torí kò sóhun tó bo orúkọ ní àkókò yẹn. Ó tún ní aburú mìíràn: fóònù tí wọ́n ti kọ́ láti máa pe orúkọ lè máa pè é níbi gbogbo, nínú dánfó, ní báńkì, ní pápákọ̀ òfuurufú. Páásíwọ́ọ̀dù ló ń ṣọ́ ilẹ̀kùn. Èyí tó bá tó lẹ́tà 16, tí kì í ṣe orúkọ ọmọ tàbí nọ́ńbà fóònù, ṣiṣẹ́ ju ìfarapamọ́ lọ.

Bó bá jẹ́ pé onílé tàbí ibi iṣẹ́ ló ni ráútà, tí wọn kò sì gbà kí ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ ra wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí ẹ fà á láti ẹ̀yìn ráútà sí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. Wáyà kò ní béèrè orúkọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bó bá jẹ́ tiyín, ẹ fi fóònù tó ti wọ wáìfáì náà ṣí 192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1, bí bébà ìdí ráútà bá ṣe wí. Ẹ wọlé, ẹ lọ sí Wireless, kí ẹ pa Hide SSID, tàbí kí ẹ tan Enable SSID Broadcast, kí ẹ tẹ Save. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí gbogbo fóònù àti kọ̀ǹpútà ilé gbàgbé wáìfáì náà, kí wọ́n sì tún un yàn látinú orúkọ tó tò sójú. Bí ẹ kò bá ṣe èyí, wọ́n lè ṣì máa pe orúkọ náà kiri ìgboro.