Ìdí Tí Kírímù Fi Ń Kọ̀ Láti Le

Kírímù wàrà tí a bá fẹ́ pò kó le gbọ́dọ̀ ní nǹkan méjì: kí ọ̀rá inú rẹ̀ pọ̀ tó, kí púpọ̀ nínú ọ̀rá náà sì ti dì. Ọ̀kan kò lè ṣe iṣẹ́ èkejì. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ra kírímù gidi fi lè lù ú títí kí míkísà gbóná, kó má sì rí nǹkan kan.

Inú omi wàrà ni ọ̀rá kírímù wà, ní wóró tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo wóró kọ̀ọ̀kan, òun ni kì í jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Tí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í lu kírímù, afẹ́fẹ́ á wọ inú rẹ̀, á sì hó. Purotéènì inú wàrà ló kọ́kọ́ ń di ìhó yìí mú, àmọ́ kì í pẹ́ tó fi ń jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọ̀rá ló ń mú un dúró. Bí míkísà ṣe ń gbá àwọn wóró náà lura, awọ wọn á ya, wọn á wá máa so mọ́ra yí afẹ́fẹ́ ká, bí ìgbà tí bíríkọ́là ń to búlọ́ọ̀kù. Tí búlọ́ọ̀kù kò bá tó, ògiri ò ní yí ilé ká.

Nítorí náà, ara páálí ni kí a ti kọ́kọ́ wo iye ọ̀rá. Tí kò bá tó ìdá 30 nínú 100, ẹ má wulẹ̀ tan míkísà. Ìdá 35 sókè ló dára jù. Ní ìlú Ọba, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń rà á, síńgù kírímù máa ń ní nǹkan bí ìdá 18, dọ́bù kírímù sì máa ń ní nǹkan bí 48. Ká ní ẹnì kan ní Pẹ́kámù ti ra síńgù mìlílítà 300, tó sì ń hó lásán. Kó fi dọ́bù mìlílítà 300 kún un: ọ̀rá 54 nínú ti àkọ́kọ́, 144 nínú ti èkejì, àpapọ̀ 198 nínú 600. Ìdá 33 nìyẹn. Yóò le, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò rọ̀ díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìtútù ló máa ń da àwọn tó wà nílé láàmú jù. Ọ̀rá wàrà kì í yọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní dígírì 5, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ló ti dì. Ní dígírì 30, bíi ti ọ̀sán Ìbàdàn, díẹ̀ péré ló ṣì dì. Ó yẹ kí a mọ ohun tí apá tó dì yìí ń ṣe. Ẹnu rẹ̀ mú, òun ló ń gún awọ wóró kejì, tí ọ̀rá tó ṣì yọ́ á fi lẹ̀ wọ́n pọ̀. Líle rẹ̀ náà ni kì í jẹ́ kí àwọn méjèèjì yọ́ di ẹyọ kan. Tí gbogbo rẹ̀ bá ti yọ́, òróró lásán ló kù, òróró kì í sì í gbé afẹ́fẹ́ ró.

Ọ̀rá náà kì í tètè dì. Kírímù tí iná ọba mú lọ fún ọ̀sán kan kò ní bọ̀ sípò nítorí pé a jù ú sínú fírísà fún ìdajì wákàtí; ara páálí á tutù, ọ̀rá inú rẹ̀ kò ní tíì dì tó. Inú fíríìjì ni kó sùn mọ́jú. Bó bá sì pẹ́ nínú fírísà tó di yìnyín, yìnyín á ti fa awọ àwọn wóró náà ya, kò sì ní ṣe é pò dáadáa mọ́.

Báwo la ṣe ń mọ èyí tó fà á? Tó bá ń hó, tí ìhó náà ń parẹ́, tí ìsàlẹ̀ sì ń ṣàn bíi wàrà, ọ̀rá ni kò tó. Tí páálí bá sọ pé ọ̀rá tó, àmọ́ tí kírímù náà ki díẹ̀ láì wú, tó sì wá ń ṣe wóró-wóró, ooru ni. Tí a bá tètè rí i kó tó ṣe wóró, kí a dá a padà sínú fíríìjì di ọjọ́ kejì, kí abọ́ àti ọ̀pá míkísà náà wà níbẹ̀ fún bíi ìdajì wákàtí kí a tó tún un lù. Abọ́ irin ló dára jù fún èyí, nítorí ó máa ń tètè tutù.

Kí a máa lù ú níwọ̀nba, kí a sì dúró nígbà tí ipa ọ̀pá míkísà kò bá parẹ́ mọ́. Nígbà náà, ó ti tó ìlọ́po méjì bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wóró. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kírímù tí a kò tíì lù, ṣíbí méjì tàbí mẹ́ta, tí a rọra fi pò ó, lè gbà á là. Tí omi bá ti ya kúrò lára rẹ̀, kò sí àtúnṣe mọ́: ẹ máa lù ú lọ, bọ́tà ló ń bọ̀.

Bó ti wù kó le tó, kò ní lè dúró pẹ́ lórí kéèkì nínú gbọ̀ngàn àríyá tí kò ní ẹ́síì. Ìdí tí ọ̀pọ̀ oníkéèkì fi ń lo kírímù oníyẹ̀fun nìyẹn. Ọ̀rá inú eléyìí sábà máa ń wá láti ara òróró èkùrọ́ tí wọ́n ti mú le sí i, kì í sì í tètè yọ́ bíi ti wàrà. Adùn rẹ̀ kò tó ti kírímù gidi lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n fún kéèkì tí yóò jókòó láti aago méjìlá títí di ìrọ̀lẹ́, òun ni màá lò.